Bí a ṣe ń ya fírì-bọ́dì búlọ́ọ̀kù tó jókòó sórí pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kò sì yọ̀

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi àwọn ọmọ lẹ́sìn mi ní Tanke, n'Ílọrin níbí, kí n tó kọ́ wọn ní ohunkóhun nípa gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Màá ní: búlọ́ọ̀kù igi kan jókòó sórí pákó tí a gbé orí rẹ̀ ga, ara pákó náà ò dán, búlọ́ọ̀kù náà ò sì yọ̀ wálẹ̀; ẹ ya gbogbo ipá tó wà lára búlọ́ọ̀kù náà fún mi, ọfà kan fún ipá kan. Àwòrán yìí là ń pè ní fírì-bọ́dì. Mi ò ní fún wọn ní nọ́ńbà kankan. Kí n tó rìn dé ẹ̀yìn kíláàsì, wọ́n á ti parí. Ìwé tó pọ̀ jù á ní ọfà márùn-ún, òmíràn á ní mẹ́fà, mo sì ti rí ọmọ kan tó ya méje rí. Mẹ́ta péré ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ya àwòrán náà pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ká lo búlọ́ọ̀kù gidi. Mo ní ọ̀kan nílé tí káfíńtà kan gé fún mi ní Sọ́mìlì. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ́ńtímítà 20, fífẹ̀ rẹ̀ 15, gíga rẹ̀ 10, ó sì tó kílò 2 lórí òṣùwọ̀n. Pákó tí a gbé e lé gùn ní mítà 2, a sì gbé orí pákó náà lé fẹ́ǹsì kúkurú kan, tó fi jẹ́ pé orí pákó ga ju ìdí rẹ̀ lọ ní mítà 1 géérégé. Ẹ fi gíga yẹn pín sí gígùn pákó: 1 lórí 2, ìdajì nìyẹn. Igun tí sáìnì rẹ̀ jẹ́ ìdajì ni 30°. Báyìí ni a ṣe mọ igun náà láìgbé pòròtírátọ̀ jáde síta. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o: pákó fúnra rẹ̀ ni a fi téèpù wọ̀n, kì í ṣe ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wọn ilẹ̀ ti kúrò lórí sáìnì, táńjẹ́ǹtì ló ń wá.

Lórí bébà, ẹ ní pẹ́ńsùlù, rúlà àti pòròtírátọ̀. A ó jẹ́ kí sẹ́ńtímítà 1 dúró fún Níútìn 2; Níútìn, tí a ń kọ sí N lẹ́yìn nọ́ńbà, ni a fi ń wọn ipá. Ẹ má ṣe yà á lásán láìní òṣùwọ̀n, nítorí rúlà ló máa bá wa dá ẹjọ́ tó bá dé ìparí.

Ẹ kọ́kọ́ pa pákó rẹ́

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí, kí wọ́n tó ya ọfà kankan rárá. Wọ́n á ya pákó, wọ́n á ya fẹ́ǹsì, wọ́n á ya ilẹ̀, wọ́n á wá máa ju ọfà sí gbogbo rẹ̀. Fírì-bọ́dì ò fẹ́ ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni a ń ya, búlọ́ọ̀kù. Ohun gbogbo tó kù, a ó yọ ọ́ kúrò nínú àwòrán, a ó sì fi ọfà rọ́pò ohun tí ó ń ṣe sí búlọ́ọ̀kù.

Torí náà, ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dagun ní 30°, kí ẹ ya búlọ́ọ̀kù sórí rẹ̀, kí òun náà dagun bí ìlà náà ṣe dagun. Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ ìlà yẹn di alámì-tótòtó, kó máa rán yín létí ọ̀nà tí pákó kọjú sí. Ẹ má ṣe ya búlọ́ọ̀kù bí ẹni pé orí tábìlì ló jókòó sí. Bí ẹ bá ti gbé e sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ọwọ́ yín á fẹ́ máa ya ọfà gbogbo sókè sódò, sọ́tùn-ún sósì, igun náà á sì ti pòórá.

Ní báyìí, ẹ bi ara yín: ta ni ó fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù yìí? Pákó nìkan ni. Okùn ò sí, ọwọ́ èèyàn ò sí. Atẹ́gùn wà yí i ká, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣe kéré débi pé a lè gbàgbé rẹ̀. Ẹ wá bi ara yín lẹ́ẹ̀kejì: ta ni ó ń fà á láì fọwọ́ kàn án? Ilẹ̀ ni, ilé ayé tí a tẹ̀ yìí, pẹ̀lú òòfà rẹ̀. Àwọn méjì yìí nìkan ló ní ẹ̀tọ́ láti fi ọfà ránṣẹ́ sí àwòrán yín. Ilẹ̀ fi ọ̀kan ránṣẹ́. Pákó fi méjì, nítorí iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: ó ń ti búlọ́ọ̀kù kúrò lára rẹ̀ kó má baà rì wọ inú òun, ó sì ń dì í mú kó má baà yọ̀.

Ọfà yòówù tí ẹ bá yà tí ẹ ò lè dárúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́, ẹ pa á rẹ́. Bí mo bá bi ọmọ lẹ́sìn pé, "Ọfà tí o yà sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí, ta ló ń tì í?", á dákẹ́, á wá ní, "Tíṣà, ipá tó ń mú un yọ̀ ni." Mo mọ̀, ṣùgbọ́n ta ni? Kò sẹ́nì kankan. Ilẹ̀ ni, ọfà ilẹ̀ sì ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní orúkọ W.

Ọfà kìíní: ìwúwo

Ìwúwo, tí a ń kọ sí W, ń lọ sísàlẹ̀ tààrà. Kì í ṣe sísàlẹ̀ pákó, kì í ṣe sínú pákó, ìsàlẹ̀ bébà ni. Ẹ rántí okùn tí bíríkìlà so òkúta mọ́ tó fi ń wo bóyá ògiri dúró dáadáa: bí ẹ bá fa ògiri yẹn dagun, okùn ò ní bá a dagun. Bẹ́ẹ̀ náà ni W. Kò mọ̀ pé pákó wà níbẹ̀.

W = mg = 2 × 10 = 20 N

m ni kílò búlọ́ọ̀kù, g sì ni iye Níútìn tí ilẹ̀ fi ń fa kílò kan. Mo lo 10 fún g nítorí òun ni Wáẹ̀kì sábà máa ń fún wa. Ẹni tó bá lo 9.8 á rí 19.6 N, kò sí ìjà níbẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n tiwa, 20 N jẹ́ sẹ́ńtímítà 10. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín búlọ́ọ̀kù gan-an, níbi tí ìlà igun sí igun méjèèjì ti pàdé, kí ẹ fà á sísàlẹ̀, kí ẹ fi ẹnu ọfà sí i, kí ẹ kọ W sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọfà kejì: nọ́máàlì

Ìyẹn N, kì í ṣe N ti Níútìn tó ń tẹ̀lé nọ́ńbà. Òun ni pákó fi ń ti búlọ́ọ̀kù, ó sì máa ń yọ kúrò lára pákó ní 90° sí ojú pákó. Ẹ gbé pòròtírátọ̀ lé ìlà alámì-tótòtó yẹn, kí ẹ wá 90°, kí ẹ fà á síta lápá òkè. Yóò fì díẹ̀ sí apá ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí tiyín bá dúró ṣánṣán bí òpó iná, ẹ ti ṣì í.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yẹn ti ń wá. Ní kíláàsì SS1, orí tábìlì ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ wa ní N. Lórí tábìlì, N lọ sókè, W lọ sódò, wọ́n sì dọ́gba. Ọmọ á wá há a sórí pé "N máa ń lọ sókè, ó sì dọ́gba pẹ̀lú W." Òótọ́ ni lórí tábìlì, ṣùgbọ́n tábìlì ló mú un jẹ́ òótọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé búlọ́ọ̀kù tẹ ojú pákó wọlé díẹ̀, ó kéré débi pé ojú ò lè rí i, ojú pákó náà sì ń fẹ́ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, bí tìmùtìmù ṣe máa ń ti ẹni tó jókòó lé e padà. Ojú pákó ni ó ń fẹ́ padà, torí náà apá ibi tí ojú pákó kọjú sí ni ó ń tì sí.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé N ni èsì tí òfin kẹta Níútìn sọ pé W gbọ́dọ̀ ní. Rárá o. Òfin yẹn, tó jáde nínú ìwé Níútìn ní ọdún 1687, sọ̀rọ̀ nípa ohun méjì tí ń ti ara wọn tàbí fa ara wọn. Ẹnìkejì W ni òòfà tí búlọ́ọ̀kù fi ń fa ilé ayé. Ẹnìkejì N ni títì tí búlọ́ọ̀kù ń ti pákó. Méjèèjì yìí kò sí lára búlọ́ọ̀kù, torí náà kò sí èyí tó ní àyè nínú àwòrán wa. Pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí gan-an ni ẹ̀rí tó dáa jù: W àti N ò tilẹ̀ sí lórí ìlà kan náà, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ jẹ́ ìbejì?

A ò tíì mọ bí N ṣe gùn tó. Ẹ fà á fẹ́ẹ́rẹ́ ná, a ń padà bọ̀ wá sí i.

Ọfà kẹta: fíríkíṣọ̀n

Fíríkíṣọ̀n ni dídì tí pákó ń di búlọ́ọ̀kù mú. Wọ́n máa ń kọ́ wa pé ó máa ń lòdì sí ìrìn. Ọ̀rọ̀ náà kò burú, ṣùgbọ́n kò ràn wá lọ́wọ́ níbí, nítorí búlọ́ọ̀kù wa kò rìn. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n bi ara wọn ni èyí: bí ẹnì kan bá da òróró pupa sójú pákó yìí lójijì, ibo ni búlọ́ọ̀kù máa gbà lọ? Ìsàlẹ̀ ni. Ó dáa, fíríkíṣọ̀n kọjú sí òdìkejì, sókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì ń bá ìlà alámì-tótòtó lọ gẹ́lẹ́. Ìbéèrè òróró yìí ló dáa jù tí mo mọ̀, nítorí ó ṣì máa ń dáhùn bí ọ̀rọ̀ bá yí padà. Ká ní okùn kan ń fa búlọ́ọ̀kù sókè gan-an, tó fi jẹ́ pé bí òróró bá dé, òkè ni yóò yọ̀ lọ, ìsàlẹ̀ ni fíríkíṣọ̀n máa kọjú sí.

Ẹ fà á láti ìdí búlọ́ọ̀kù, níbi tó ti kan pákó, kí ẹ kọ f sí i. Ó pé mẹ́ta. Ẹ dá pẹ́ńsùlù dúró.

Ibi tí 30° wà nínú àwòrán

Kí a tó lè mọ gígùn N àti f, a gbọ́dọ̀ pín W sí ọ̀nà méjì: ìpín tó ń tẹ pákó, àti ìpín tó ń lọ sísàlẹ̀ pákó. Ìdààmú ibẹ̀ ni igun. Àwọn ọmọ máa ń há a sórí pé sáìnì ni ti sísàlẹ̀ pákó, kósáìnì ni ti inú pákó, títí di ọjọ́ tí ìbéèrè bá fún wọn ní igun láàárín pákó àti ògiri, ni gbogbo rẹ̀ á bá dojú rú.

Ẹ ṣe é báyìí dípò rẹ̀. Ẹ fa ìlà alámì-tótòtó kan láti àárín búlọ́ọ̀kù wọ inú pákó ní 90°, òdìkejì ọ̀nà tí N gbà. Ká ní pákó ṣì wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ, ìlà yìí àti W á lé ara wọn, igun àárín wọn á jẹ́ òdo. Ẹ wá máa gbé orí pákó sókè díẹ̀díẹ̀ lọ́kàn yín. Ìlà tó wọ inú pákó ń bá pákó yí, W dúró síbi tó wà. Nígbà tí pákó bá yí tó 30°, ìlà yẹn ti kúrò lára W ní 30° gẹ́lẹ́. Igun pákó ni igun tó wà láàárín W àti ìlà tó wọ inú pákó. Ẹ kọ 30° síbẹ̀.

Ìpín tó sún mọ́ igun yẹn ni kósáìnì, èyí tó jìnnà sí i ni sáìnì:

W cos 30° = 20 × 0.866 = 17.3 N, wọ inú pákó

W sin 30° = 20 × 0.5 = 10 N, sísàlẹ̀ pákó

Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ tún sọ pákó di pẹrẹsẹ. Ní òdo dígírì, kò yẹ kí ohunkóhun máa fa búlọ́ọ̀kù gba ojú pákó lọ. Sáìnì òdo jẹ́ òdo, kósáìnì òdo jẹ́ 1. Ó bá a mu.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ya ìpín méjì yìí bí ọfà dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ W. Ibí ni ọfà karùn-ún ti ń wọlé. W àti àwọn ìpín rẹ̀ jẹ́ ohun kan náà. Ẹni tó bá ya gbogbo wọn ti fi ìwúwo sínú àwòrán lẹ́ẹ̀mejì, bí ìgbà tí èèyàn ní náírà 1,000 kan lápò tó wá ń kà á pé 1,000 ni, pẹ̀lú 500 méjì tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí wọn, ẹ fi alámì-tótòtó yà wọ́n, tàbí kí ẹ ya àwòrán kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí W ò ti sí mọ́. Èmi fẹ́ràn àwòrán kejì ju.

Nígbà tí búlọ́ọ̀kù ò rìn, ohun tó wọ inú pákó gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ohun tó jáde. N jẹ́ 17.3 N, ìyẹn sẹ́ńtímítà 8.7. Ohun tó lọ sísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ohun tó lọ sókè. f jẹ́ 10 N, ìyẹn sẹ́ńtímítà 5. Ẹ padà lọ wọn ọfà méjèèjì kí ẹ fi rúlà gé wọn sí ibi tó yẹ.

Búlọ́ọ̀kù tó gun òkè fúnra rẹ̀

Ibí ni mo fẹ́ dúró sí jù, nítorí àwọn ọmọ tó mọ̀wé gan-an ni ó máa ń mú.

Lọ́dún kan, mo fún wọn ní ìbéèrè yìí gẹ́lẹ́, mo sì fi kún un pé míù, nọ́ńbà tó ń sọ bí igi àti pákó ṣe ń di ara wọn mú tó, jẹ́ 0.7 fún ìdúró jẹ́ẹ́. Ọmọbìnrin kan tí kì í ṣàṣìṣe nínú ìṣírò dìde. Ó ti kọ ọ́ pé:

f = μN = 0.7 × 17.3 = 12.1 N

Mo ní kó ya ọfà rẹ̀ sójú bọ́ọ̀dù. Ó yà á: 12.1 N lọ sókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, 10 N lọ sísàlẹ̀. Mo bi í pé, "Èwo ló pọ̀ jù?" Ó ní, "Ti òkè ni, sà." Mo ní, "Ó dáa, ibo wá ni búlọ́ọ̀kù ń lọ?" Ó wo bọ́ọ̀dù, ó wo mi, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ti ń gun pákó lọ fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó tì í.

Ìdí rẹ̀ nìyí. μN kì í ṣe fíríkíṣọ̀n tó wà. Ó jẹ́ èyí tó pọ̀ jù tí ojú pákó lè fún wa kó tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Bí mo bá mú náírà 12,100 lọ sí ọjà Ìpàta, tí ẹrù tí mo rà sì jẹ́ 10,000, 10,000 ni màá san. Pé mo ní 12,100 lápò ò ní kí oníṣòwò gbà á lọ́wọ́ mi. Fíríkíṣọ̀n búlọ́ọ̀kù tó jókòó jẹ́ẹ́ ń san gbèsè tó wà nílẹ̀, kò sì ń san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo àwọn òkúta tó jókòó sára Òkè Sóbí: èyí tó wà níbi tí ó rọra dagun ń lo fíríkíṣọ̀n kékeré, èyí tó wà níbi tó dagun jù ń lo púpọ̀, bí òkúta méjèèjì tilẹ̀ wúwo bákan náà.

Iṣẹ́ wo wá ni μN ń ṣe? Ó jẹ́ àyẹ̀wò. Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tí búlọ́ọ̀kù nílò, 10 N. Ẹ wá wo ohun tí pákó lè fún un, 12.1 N. 10 kò tó 12.1, nítorí náà búlọ́ọ̀kù jókòó lóòótọ́, f sì jẹ́ 10. Bí ohun tí ó nílò bá ju ohun tí pákó lè fún un lọ, ìgbà yẹn ni ìbéèrè yín kì í ṣe ti ìdúró jẹ́ẹ́ mọ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí f bá μN dọ́gba nígbà tí búlọ́ọ̀kù ṣì dúró ni ìgbà tí ó ku fírí kó yọ̀, àwọn olùṣètò ìdánwò sì máa ń kọ ọ́ ketekete bí wọ́n bá fẹ́ ìyẹn. Fún pákó tiwa, ibẹ̀ ni igun tí táńjẹ́ǹtì rẹ̀ jẹ́ 0.7, ìyẹn 35°. Ní 30°, a ò tíì débẹ̀. Ní 20°, f á jẹ́ 6.8 N péré, bẹ́ẹ̀ pákó àti búlọ́ọ̀kù ò yí padà. (Ìgbà ọyẹ́, tí eruku bá ti bo pákó, 0.7 yẹn lè máà dúró o. Ẹ nù ún kí ẹ tó dán an wò.)

Kí rúlà dá ẹjọ́

Ẹ mú bébà mìíràn. Ẹ fa W sísàlẹ̀, sẹ́ńtímítà 10. Láti ẹnu ọfà W, ẹ fa N ní ọ̀nà rẹ̀ gan-an, sẹ́ńtímítà 8.7. Láti ẹnu N, ẹ fa f, sẹ́ńtímítà 5. Bí àwòrán yín bá tọ̀nà, ẹnu f á padà kan ibi tí W ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì ní igun mẹ́ta tó dé pátápátá. Èyí tí pẹ́ńsùlù máa ń ṣì ò ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ.

Ẹ fi 12.1 ọmọ yẹn dán an wò. Sẹ́ńtímítà 6 ó lé díẹ̀ ni f á jẹ́, á sì kọjá ibi ìbẹ̀rẹ̀ ní sẹ́ńtímítà 1 gbáko. Bí N yín bá dúró ṣánṣán bí òpó iná, ìyẹn á hàn kíá: N á kàn gba orí W padà, f á wá yà síta, kò sì ní sí ohun tó máa dá a padà. Mo ti rí ọmọ tó ń bá mi jiyàn lórí N fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí igun mẹ́ta tí kò dé sì pa á lẹ́nu mọ́ ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹsẹ̀ N

Fún Wáẹ̀kì àti Jáǹbù, bí ẹ bá fa ọfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti àárín búlọ́ọ̀kù, ó tó. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwòrán yẹn ń fi pamọ́, ó sì dùn mọ́ mi púpọ̀.

Búlọ́ọ̀kù ò yọ̀, kò sì yí dànù. Kí ó má baà yí, ìlà ọfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pàdé ní ojú kan. f ń bá ìdí búlọ́ọ̀kù lọ. W ń já wálẹ̀ láti àárín. Ibi tí ìlà W ti gé ìdí búlọ́ọ̀kù ni méjèèjì ti pàdé, N náà sì gbọ́dọ̀ ti ibẹ̀ jáde. Ibẹ̀ kì í ṣe àárín ìdí. Àárín búlọ́ọ̀kù ga sókè ojú pákó ní sẹ́ńtímítà 5, nítorí náà ẹsẹ̀ N sún sí apá ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní 5 × tan 30°, ìyẹn sẹ́ńtímítà 2.9. Ẹ̀tọ́ wà nínú rẹ̀: ẹni tó bá dúró lórí ibi tó dagun mọ̀ pé ẹsẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ni ẹrù ń tẹ̀ jù. Láti àárín ìdí dé etí búlọ́ọ̀kù jẹ́ sẹ́ńtímítà 10, torí náà 2.9 ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Ẹ wá gbé búlọ́ọ̀kù yẹn nàró, kí gígùn rẹ̀ tó jẹ́ 20 di gíga, kí ìdí rẹ̀ jẹ́ 10 péré láti òkè dé ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìwúwo ò yí padà, igun ò yí padà, W, N àti f ṣì jẹ́ 20, 17.3 àti 10, igun mẹ́ta ṣì dé pátápátá. Ẹni tó ya ohun gbogbo láti àárín máa sọ pé búlọ́ọ̀kù á jókòó. Ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ ti ga ní sẹ́ńtímítà 10 báyìí, ẹsẹ̀ N sì gbọ́dọ̀ sún ní 10 × tan 30°, ìyẹn 5.8. Etí ìdí búlọ́ọ̀kù wà ní 5. Àwòrán ń ní kí pákó ti búlọ́ọ̀kù láti ibi tí búlọ́ọ̀kù ò sí.

Ní 26.6°, tí táńjẹ́ǹtì rẹ̀ jẹ́ 0.5, ni ẹsẹ̀ N dé etí gan-an. Ìyẹn ṣáájú 35° tí yóò ti yọ̀. Bí ẹ bá ń gbé orí pákó sókè díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù tó nàró lórí rẹ̀, kò ní yọ̀ rárá. Ó máa ṣubú ni, ẹ sún ẹsẹ̀ yín sẹ́yìn.